Ọ̀rẹ́ mi ní Bùràsíl máa ṣèdánwò lọ́jọ́ Àìkú: kí ni kí n kọ sí i lédè Pọtogí lálẹ́ Sátidé?

Atúnfóònùṣe_Táńkè — Ọjọ́bọ̀, 7:42 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ní ọ̀rẹ́bìnrin kan (ọ̀rẹ́ lásán ni o, kí ẹ má bàa sọ ọ́ di nǹkan míì) ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bàhíà ní Bùràsíl. Orí ayélujára la ti pàdé ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ sẹ́yìn. Èmi ń kọ́ ọ ní Yorùbá, òun náà ń kọ́ mi ní Pọtogí. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ló máa jókòó ṣe Enem, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì lọ́dọ̀ wọn, bíi Jáàmù tiwa níbí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ lọ kọ́. Ó ṣe é lọ́dún tó kọjá, máàkì rẹ̀ ò tó.

Tí a bá ń sọ̀rọ̀, àmúlùmálà la máa ń sọ: Yorùbá díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, Pọtogí díẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ Sátidé, mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tó máa kì í láyà, kó jẹ́ Pọtogí pọ́ńbélé látòkè délẹ̀. Ibi tí mo bá a dé rèé, ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ orúkọ oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù ni mo kọ ọ́ sí:

"Boa noite, minha amiga. Como vai o estudo? Você não vai reprovar de novo. Você não vai passar vergonha. Boa sorte no seu exame. Você é muito inteligente. Estou orgulhosa de você. Deus vai fazer."

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé: ó dalẹ́ o, báwo ni ìwé kíkà, o ò ní fìdí rẹmi mọ́, ojú ò ní tì ẹ́, oríire nínú ìdánwò ẹ, orí ẹ pé, mò ń fi ẹ́ yangàn, Ọlọ́run á ṣe é. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

ỌmọỌlọ́fà — Ọjọ́bọ̀, 8:05 alẹ́

Bọ̀ọ̀dá, ẹ má fòyà, ìdánwò Pọtogí yẹn ò le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ. Ẹnì kan ládùúgbò wa ṣe Celpe-Bras kó tó lọ kàwé ní Bùràsíl. Apá tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ gba wákàtí 3, apá tí wọ́n ń fẹnu sọ sì jẹ́ nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n á fi àwòrán hàn yín, ẹ ó máa sọ̀rọ̀ lé e. Ẹ máa gbọ́ rédíò wọn dáadáa kó tó di ọjọ́ náà.

Atúnfóònùṣe_Táńkè — Ọjọ́bọ̀, 8:11 alẹ́

Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo fẹ́ ṣèdánwò. Ọmọ Bùràsíl ni ọ̀rẹ́ mi, èdè abínibí rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí màá kọ sí i ni mò ń wá.

ÀgbàLùáńdà — Ọjọ́bọ̀, 8:30 alẹ́

Àbúrò, tìẹ ti dáa. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Lùáńdà, ní Àǹgólà, Pọtogí ni mo fi ń ná ọjà láàárọ̀ àti lálẹ́. Jẹ́ kí n tún díẹ̀ ṣe fún ẹ.

Mú "você" yẹn kúrò. "Tu" ni "ìwọ", "você" ni "ẹ̀yin". Tí o bá ń pe ọ̀rẹ́ ẹ ní "você", ńṣe lo dà bí ẹni tó ń bá ìyá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Kọ "Estou a torcer por ti", ìyẹn ni pé ẹ̀yìn ẹ ni mo wà. Ohun tí àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù ń ṣe fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ni "torcer" yẹn. Lẹ́yìn náà kọ "Vai correr tudo bem", pé gbogbo ẹ̀ á lọ geerege. Kí o wá fi "Bom exame" parí ẹ̀. "Orgulhosa" tí o kọ yẹn dáa, torí obìnrin ni, "a" ló yẹ kó wà ní ìparí ẹ̀. Má fọwọ́ kàn án.

Tíṣà_Ọ̀mùàrán — Ọjọ́bọ̀, 9:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Pọtogí ni mo kà jáde, mo sì lo oṣù mẹ́wàá ní Salvador yìí gan-an, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ẹ̀gbọ́n wa ti Lùáńdà mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ Pọtogí ti ilẹ̀ Pọtogí ni wọ́n ń sọ ní Àǹgólà, pàápàá nínú ìwé kíkọ. Ọ̀rẹ́ yín á gbọ́ ọ yékéyéké. Ṣùgbọ́n á dà bí ìgbà tí ọmọ Ìlọrin bá gba ọ̀rọ̀ ìkíni látẹnu èèyàn rẹ̀ ní ohùn Ìjẹ̀bú.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó wúwo jù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn "Você não vai reprovar de novo" àti "Você não vai passar vergonha". Àdúrà Yorùbá lẹ ń ṣe níbẹ̀. Àwa máa ń dárúkọ ibi kí a tó lé e lọ: o ò ní ṣubú, ojú ò ní tì ẹ́, o ò ní rógun ẹjọ́. Ẹni tó gbọ́ ọ á ṣe "àmín" gbọnmọgbọnmọ, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Etí Bùràsíl ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti sùn sórí ibùsùn, tó ń ronú ìdánwò ọ̀la, ohun tó máa rí lójú fóònù ni "reprovar", "de novo", "vergonha": ìkùnà, lẹ́ẹ̀kejì, ìtìjú. "Não" tó wà níwájú wọn ò ní lè gbé e. Ẹ ti rán an létí ọdún tó kọjá lóru tó yẹ kó gbàgbé ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, "reprovar" ò bá Enem mu rárá, torí kò sí pé èèyàn gba Enem tàbí ó kùnà. Máàkì ni wọ́n ń fún èèyàn, máàkì yẹn ni wọ́n á fi bá àwọn yòókù dupò ní yunifásítì. Ohun tí àwọn ará Bàhíà ń sọ síbi tí ẹ ti ń ṣàdúrà yẹn ni "Vai dar tudo certo", pé gbogbo ẹ̀ á dáa. Ó kúrú, ó sì tó.

Ẹ̀kejì, "exame". Ní Bùràsíl, "prova" ni wọ́n ń pe ìdánwò tí èèyàn ń jókòó kọ. Tí wọ́n bá gbọ́ "exame" láìsí àlàyé, ọkàn wọn á kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àyẹ̀wò ìtọ̀. Nítorí náà "Boa prova!" ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé "boa" ni, kì í ṣe "bom", torí abo ni wọ́n ka "prova" sí, wọ́n sì ka "exame" sí akọ.

Ẹ̀kẹta, "orgulhosa". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ibí yìí lẹ ti ṣì í. Ẹni tó ń yangàn ni ọ̀rọ̀ yẹn ń tẹ̀ lé, kò kan ẹni tí wọ́n ń fi yangàn. Bọ̀ọ̀dá Táńkè ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin ni wọ́n, "Estou orgulhoso de você" ni. Bí wọ́n bá kọ "orgulhosa", ọmọbìnrin náà á rò pé àbúrò wọn obìnrin ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, ìgbà yẹn ló máa tẹ̀ lé obìnrin náà: "Fique tranquila".

"Deus vai fazer" náà ò pé. Ọlọ́run á ṣe kí ni? Á máa dúró de ìyókù gbólóhùn náà. "Se Deus quiser" ni wọ́n ń sọ, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

ÀgbàLùáńdà — Ọjọ́bọ̀, 10:02 alẹ́

Tíṣà, mo gba ti "orgulhoso". Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ ọ́ kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ fún mi pé "exame" kò dáa. Kí ni "E" àkọ́kọ́ tó wà nínú Enem fúnra ẹ̀? "Exame Nacional do Ensino Médio". Ìjọba wọn ló sọ ọ́ ní "exame". Ṣé ilé ìwòsàn nìyẹn náà?

Ti "tu" ńkọ́? Ẹ fẹ́ kó máa fi "ẹ̀yin" pe ọ̀rẹ́ ẹ̀?

Tíṣà_Ọ̀mùàrán — Ọjọ́bọ̀, 10:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú mi níbẹ̀ o. Òótọ́ ni, ìwé ìjọba ń pè é ní "exame", "Boa sorte no exame" kì í sì í ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé lọ́jọ́ náà, "boa prova" lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ìyá tó wá sin ọmọ rẹ̀, òun náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń pín ìwé ìdánwò. Orúkọ orí ìwé yàtọ̀ sí ohun tó wà lẹ́nu èèyàn. Àwa náà ń sọ pé a fẹ́ ṣe Wáẹ́ẹ̀kì, ta ló ń pe orúkọ rẹ̀ tán?

Ní ti "você", ohun tí ẹ sọ bá Lísíbọ̀n mu, ibẹ̀ ni "você" ti lè dà bí ẹni tó ń ta èèyàn nù. Ní Salvador, "você" ni ọ̀rẹ́ fi ń pe ọ̀rẹ́, òun ni ọkọ fi ń pe ìyàwó. "Ẹ̀yin" tiwọn ni "a senhora" fún obìnrin, "o senhor" fún ọkùnrin. Ìyẹn ni bọ̀ọ̀dá máa lò tí wọ́n bá fẹ́ kí ìyá ọmọ náà.

Alfa_Adéta — Ọjọ́ Ẹtì, 6:15 àárọ̀

Salamaleikun. Mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbá. "Boa sorte" yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí "sorte" jẹ́ oríire bíi ti tẹ́tẹ́. Ẹni tó kàwé ò gbọdọ̀ gbára lé tẹ́tẹ́. Tíṣà ti mú "se Deus quiser" wá, in ṣá Allah gan-an nìyẹn, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun kan tí olùkọ́ wa kan sọ fún wa rí, pé àwọn Pọtogí ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n mú látinú èdè Lárúbáwá, "oxalá", tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí kò fi ní kọ "Oxalá você passe"? Á dùn mọ́ èmi gan-an tí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá bá ti Ìlọrin dé Bùràsíl.

Tíṣà_Ọ̀mùàrán — Ọjọ́ Ẹtì, 7:03 àárọ̀

Alfa, waleikumu salaamu. Òótọ́ pátápátá ni, Lárúbáwá ni "oxalá" ti wá, ìlò gbólóhùn yín náà sì pé. Ṣùgbọ́n Salvador ni ọ̀rọ̀ yìí ń lọ o! Ní Salvador, Oxalá ni orúkọ Òrìṣàńlá. Òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ń wọ funfun lọ́jọ́ Ẹtì, títí kan ọ̀pọ̀ èèyàn tí kì í bọ òrìṣà rárá. Ìpè ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ara wọn mu láìmọ̀ọ́mọ̀, ọ̀kan láti ilẹ̀ Lárúbáwá, ọ̀kan láti ilẹ̀ Yorùbá. Bí Alfa ṣe ń fi orúkọ Ọlọ́run ránṣẹ́ lédè Lárúbáwá, ẹni tó gbà á lè rò pé Ọbàtálá la fi ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́, pàápàá tó mọ̀ pé Yorùbá ló kọ ọ́ wá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, inú ìwé ni "oxalá" tó túmọ̀ sí "ì bá dára" pọ̀ sí ní Bùràsíl. Ọ̀dọ́ kì í fi í kọ Wasáàpù sí ọ̀dọ́.

Alfa_Adéta — Ọjọ́ Ẹtì, 7:10 àárọ̀

Ha! Mo fà á padà. Subuhánalláhì.

Oníṣòwò_Ìpàta — Ọjọ́ Ẹtì, 9:26 àárọ̀

Alfa, mo rẹ́rìn-ín títí 😂 Èmi sì fẹ́ sọ ìdàkejì. Tí wọ́n bá ń lo àwọn orúkọ wa lọ́hùn-ún, kí ọmọ yìí kúkú fi "Axé" parí ẹ̀. "Àṣẹ" wa ni! Òun gan-an ló máa jọ ọ́ lójú jù. Mo tún fẹ́ sọ pé mo máa ń lọ rajà ní Pọ̀tònóvò, àwọn Àgùdà pọ̀ níbẹ̀, ìdílé da Silva, de Souza. Kó wá ẹnì kan níbẹ̀ kó bá a kọ ọ́.

Tíṣà_Ọ̀mùàrán — Ọjọ́ Ẹtì, 12:40 ọ̀sán

Àwọn Àgùdà ti Pọ̀tònóvò ò sọ Pọtogí mọ́ nílé, Faransé, Gùn àti Yorùbá ni. Orúkọ àti oúnjẹ ló kù.

Ní ti "axé", ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn lóòótọ́, wọ́n fi ń kíra. Ṣùgbọ́n ìjọ ajíhìnrere náà pọ̀ ní Salvador, àwọn kan nínú wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Bọ̀ọ̀dá Táńkè ló mọ irú ilé tí ọ̀rẹ́ wọn ti wá. Bí wọn ò bá mọ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀.

Oníṣòwò_Ìpàta — Ọjọ́ Ẹtì, 12:52 ọ̀sán

Mi ò gbà. Ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Ìlọrin, "àṣẹ" ni kò ní fẹ́ gbọ́? Kí lẹ rò pé ó ń kọ́ Yorùbá fún?

Atúnfóònùṣe_Táńkè — Ọjọ́ Ẹtì, 1:15 ọ̀sán

Mi ò bi í rí o. Ọ̀rọ̀ èdè la máa ń sọ, àti bọ́ọ̀lù.

Àbúrò_Gáà_Àkánbí — Ọjọ́ Ẹtì, 4:33 ìrọ̀lẹ́

Èmi fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Jáàmù mi, màmá mi sọ fún gbogbo ẹbí. Títí aago kan òru, fóònù ń dún: àdúrà, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, "ṣé o ti kàwé tán?", "ṣé o ti sùn?". Bọ̀ọ̀dá mi kan pè mí láti bi mí bóyá mo ti sùn! Mò ń dá gbogbo wọn lóhùn torí àgbà ni wọ́n, mi ò lè dákẹ́. Nígbà tó di àárọ̀, ojú mi pọ́n kankan, mo fi orí sórí tábìlì ní gbọ̀ngàn, ẹni tó ń ṣọ́ wa gbá mi lápá. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ "Como vai o estudo?" kúrò. Ìbéèrè ni, ó sì ń wá èsì. Tó bá ti kàwé tán, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Tí kò bá tíì kà á tán, ẹ ti dá kún ìbẹ̀rù ẹ̀. Ká ní ọwọ́ mi ló wà, n kì bá tiẹ̀ fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Tí ẹ bá sì máa fi ránṣẹ́ dandan, àwọn ọ̀rẹ́ mi ará São Paulo tí a jọ ń ta géèmù máa ń kọ "Dorme bem, fica tranquila, você vai arrasar". Ìyẹn ni pé kó sùn dáadáa, kó fọkàn balẹ̀. "Arrasar" ni pé kó fọ́ gbogbo ẹ̀ túútúú.

Tíṣà_Ọ̀mùàrán — Ọjọ́ Ẹtì, 8:17 alẹ́

Àbúrò, ẹ ti sọ ohun tí mo gbàgbé. Gbólóhùn tó máa ràn án lọ́wọ́ jù lọ ni "Não precisa responder hoje", kò pọn dandan kó dáhùn lónìí. Ẹ kọ ọ́ sókè pátápátá kó lè rí i kó tó rí ìyókù. Mi ò gbà pé kí ẹ má kọ nǹkan kan o. Ẹni tó ti ṣe é léèkan tí máàkì ò tó, ìdákẹ́jẹ́ ọ̀rẹ́ lè dà bíi pé ọ̀rẹ́ náà ti gbàgbé.

"Você vai arrasar" dáa fún ọ̀dọ́. Àmọ́ "dorme" àti "fica" yẹn, São Paulo ló bá mu. Ní Salvador, tí wọ́n bá ń sọ fún ọ̀rẹ́ pé kó ṣe nǹkan, "durma", "fique", "vá" ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Kò sí ẹni tó máa ka èyíkéyìí sí àléébù, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tó máa dún bíi tilé.

Bákan náà, "Você é muito inteligente": ẹ yọ ọ́. Tó bá jókòó síwájú ìbéèrè tí kò mọ̀, gbólóhùn yẹn á di ẹ̀rù sí i lórí. Ohun tí ẹ fojú yín rí tó ṣe ni kí ẹ kọ. Ṣé ẹ rí ohun kan?

Ẹ tún wo aago o. Wákàtí 4 la fi ṣáájú Salvador. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ ní aago 9 alẹ́ ní Táńkè, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ tiwọn, oòrùn ò tíì wọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó bá a ní aago 8 alẹ́, ìgbà tó ti jẹun, ẹ ní láti dúró di aago 12 òru.

Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe é, kì í ṣe àárọ̀ bíi tiwa. Wọ́n á ṣí géètì ní aago 12, wọ́n á tì í ní aago 1 géérégé, ìdánwò á bẹ̀rẹ̀ ní aago 1:30. Ẹni tó bá dé ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn aago 1, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdọọdún ni àwọn oníròyìn ń gbé kámẹ́rà lọ síwájú géètì láti ya àwọn tó ń sáré bọ̀ tí wọ́n ń sunkún. Lẹ́yìn kaadi ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò, bírò dúdú tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ kedere ni wọ́n ń bèèrè. Tí ẹ bá fẹ́ rán an létí nǹkan kan, àwọn méjèèjì yìí ni, kì í ṣe ìwé. Ọjọ́ Àìkú méjì ni gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀la ló máa parí. Ti àkọ́kọ́ ní àròkọ nínú, ó sì ń lọ títí di aago 7 alẹ́ wọn, 11 alẹ́ tiwa. Èyí tó kù, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Atúnfóònùṣe_Táńkè — Sátidé, 11:20 àárọ̀

Tíṣà, ẹ ṣeun púpọ̀. Ohun tí mo rí tó ṣe: gbogbo oṣù yìí ló ń gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti inú bọ́ọ̀sì tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó máa ń ka orúkọ egungun ara sókè, ariwo ẹ́ńjìnì á máa bò ó, obìnrin kan tiẹ̀ bá a dá sí i lọ́jọ́ kan. Mo ti tún un kọ:

"Oi, amiga! Não precisa responder hoje. Amanhã é só o primeiro domingo, então vá com calma. Você estudou até no ônibus, eu ouvi o barulho do motor nos seus áudios. Separe o documento e a caneta preta, durma cedo e saia de casa com tempo. Vai dar tudo certo, se Deus quiser. Estou torcendo por você daqui de Ilorin. Boa prova! Um beijo."

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé: kò pọn dandan kí o dáhùn lónìí. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lásán ni ọ̀la, nítorí náà rọra ṣe é. O kàwé títí kan inú bọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnì nínú ohùn tí o gbà sílẹ̀. Ya káàdì ìdánimọ̀ àti bírò dúdú sọ́tọ̀, tètè sùn, kí o sì tètè kúrò nílé. Gbogbo ẹ̀ á dáa, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ̀yìn ẹ ni mo wà láti Ìlọrin níbí.

ÀgbàLùáńdà — Sátidé, 11:41 àárọ̀

"Estou torcendo", "Estou a torcer". Ó dáa, ọmọ Bàhíà ló ni ín. Ó dùn, àbúrò.

Alfa_Adéta — Sátidé, 12:05 ọ̀sán

Kí ni "beijo" yẹn túmọ̀ sí?

Àbúrò_Gáà_Àkánbí — Sátidé, 12:07 ọ̀sán

Alfa, ẹ má béèrè 😂 Ìfẹnukonu ni.

Tíṣà_Ọ̀mùàrán — Sátidé, 12:30 ọ̀sán

Alfa, kò ju bí a ṣe ń kọ "ó dàárọ̀" lọ lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rẹ́ lásán ń fi parí ọ̀rọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀dá, bí òun náà kò bá tíì kọ ọ́ sí yín rí, "Um abraço" dáa tó. Ìyókù pé. Ẹ má gbàgbé àmì orí "Amanhã" àti "ônibus" o. Ẹ tẹ lẹ́tà náà mọ́lẹ̀ díẹ̀ lórí fóònù, wọ́n á jáde. Bí wọn ò bá sí, á ṣì yé e, àmọ́ ẹni tó ń kọ́ èèyàn ní àmì ohùn Yorùbá kò yẹ kó máa kọ tàwọn ẹlòmíì ní ṣákálá.

Atúnfóònùṣe_Táńkè — Ọjọ́ Àìkú, 12:31 òru

Mo ti fi ránṣẹ́. "Um abraço" ni mo fi parí ẹ̀. Mi ò kọ "axé", Oníṣòwò, ẹ má bínú. Iná lọ ní Táńkè ní aago 11, bátìrì mi ku ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, mo jókòó sínú òkùnkùn kí fóònù má bàa kú kó tó di aago 12. Àmì Wasáàpù méjèèjì jáde, wọ́n sì di búlúù lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó má dáhùn, ó dáhùn:

"Oxe, e você ainda está acordado? Aí já é meia-noite! Vá dormir, menino!"

Ó ní ṣé mi ò tíì sùn ni, pé ó ti di ọ̀gànjọ́ òru lọ́dọ̀ wa, kí n lọ sùn.

Àbúrò_Gáà_Àkánbí — Ọjọ́ Àìkú, 12:34 òru

Ẹ̀gbọ́n, "vá" ló kọ o. Tíṣà jàre. Kí ni "oxe"?

Tíṣà_Ọ̀mùàrán — Ọjọ́ Àìkú, 5:50 àárọ̀

"Oxe" ni "háà" tiwọn, òun ni wọ́n ń fi ṣe kàyééfì ní gbogbo apá ibẹ̀. Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọ òmíràn sílẹ̀ de Sátidé tó ń bọ̀, kó má jẹ́ ọ̀kan náà.